Ẹ̀dà, Àwítúnwí àti Àfikún

Ẹ jẹ́ ká mú fáìlì mẹ́ta lórí ìtàn àkọtọ́ Yorùbá: èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ní kíláàsì, èyí tó kọ nígbà tó ń kàwé, àti èyí tó tẹ̀ sórí fóònù. Ó fẹ́ sọ wọ́n di ìwé kan. Àwọn kan ń pe irú iṣẹ́ yìí ní àkójọ, ṣùgbọ́n ẹni tó kó nǹkan jọ kò tíì yọ ohunkóhun kúrò. Ìdàpọ̀ ni mo fara mọ́.

Kí la ó wá pe ohun tó wà níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ? Orúkọ kan kò tó, nítorí ọwọ́ tí a ó fi mú wọn yàtọ̀. Gbólóhùn tí kò fi lẹ́tà kan yàtọ̀ nínú fáìlì méjì, ẹ̀dà ni; kọ̀ǹpútà lè pa á rẹ́. Fáìlì kíláàsì ní "Crowther tẹ àkójọ-ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843". Ti fóònù ní "1843 ni àkójọ-ọ̀rọ̀ Crowther jáde". Àwítúnwí nìyẹn, ènìyàn ló lè dá a mọ̀. Bí ẹ̀kẹta bá sọ ohun kan náà, tó wá fi kún un pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, àfikún ló mú wá: òun ni ká dá sí, ká pa méjì yòókù rẹ́. Bí fáìlì kan bá sì fi ìpàdé àkọtọ́ ti Èkó sí 1875, tí òmíràn fi sí 1857, ìtakora ni. Ẹ má pa ìkankan rẹ́ títí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. 1875 ló tọ̀nà.

Èdè wa tún ní ẹ̀dà kan tó ń fara pamọ́. Ẹnì kan lè tẹ ọ, kó fi àmì ohùn òkè lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ ó, kó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ọ́ kan náà ni ojú wa ń rí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbólóhùn méjèèjì á sì jókòó síbẹ̀. Ìmúdọ́gba lẹ́tà ni mo pe àtúnṣe rẹ̀, òun ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú:

```
cat kilaasi.txt iwe.txt foonu.txt |
uconv -x any-nfc |
awk '!NF || !seen[$0]++' > gbogbo.txt
```

`uconv` ló ń mú lẹ́tà dọ́gba. `awk` ń dá ìlà tó kọ́kọ́ jáde sí, ó sì ń fi ìlà òfìfo sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má lo `sort -u`: á to gbogbo ìlà ní a-b-d, ìpínrọ̀ á sì fọ́n ká.

Ó ku ìtòtẹ̀léra. Ọdún nìkan kò tó láti fi to orí-ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́ àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kò ní lóye ohun tí wọ́n ń jíròrò ní Èkó, nítorí náà àlàyé àmì ni yóò ṣáájú, kí 1843 àti 1875 tó tẹ̀ lé e. Ẹ ka ìwé náà láti òkè: níbi tí ẹ bá ti pàdé ọ̀rọ̀ tí àlàyé rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, ẹ gbé àlàyé náà gòkè.