Ohùn Àyà àti Ohùn Orí

Ohùn àyà ni ohùn tó nípọn tí akọrin fi ń kọ apá ìsàlẹ̀ orin, tó sì máa ń mú kí egungun àyà gbọ̀n bí a bá gbé ọwọ́ lé e. Ohùn orí ni èyí tó fúyẹ́, tó ń dún bí ẹni pé inú agbárí ló ti ń jáde. Ibi tí akọrin ti ń mọ ohùn lára ni orúkọ méjèèjì tọ́ka sí, nítorí pé inú gògóńgò kan náà ni méjèèjì ti ń wá. Manuel García, olùkọ́ orin ọmọ Sípéènì tó ṣiṣẹ́ ní Párísì àti Lọ́ńdọ̀nù, ṣàlàyé nínú ìwé tó gbé síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé ní 1840 pé ọ̀wọ́ ohùn tó tẹ̀ léra, tí ọ̀nà kan ṣoṣo sì ń gbé jáde, ni ipele ohùn. Ní 1854, ó fi dígí kékeré wo ọ̀fun ara rẹ̀ níbi tó ti ń gbé ohùn jáde.

Tán-án-ná, ìyẹn awẹ́ ẹran méjì tí èémí ń mú gbọ̀n nínú gògóńgò, ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Iṣan kan wà nínú awẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń sún un kì, tó sì ń mú un nípọn. Òmíràn wà lóde, níwájú gògóńgò, tó ń fa awẹ́ náà gùn. Bí iṣan inú bá borí, awẹ́ méjèèjì á nípọn, wọn á fi gbogbo ìjìnlẹ̀ ara wọn pàdé, ohùn àyà á sì jáde. Bí iṣan òde bá borí, wọn á tẹ́ fẹ́lẹ́, etí wọn nìkan ni yóò máa kanra, ohùn á sì di ti orí. Iṣan méjèèjì kì í sábà fi iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Ìpín ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yí padà, ibi tí ìpín yìí ti yí padà lójijì sì ni ohùn ti ń já. Akọrin tó gbé gbogbo ìwúwo ohùn àyà gòkè máa ń fi èémí púpọ̀ tì í lẹ́yìn, títí iṣan inú yóò fi tú lẹ́ẹ̀kan náà. Èémí tó yẹ fún awẹ́ nínípọn á wá ya lu awẹ́ fẹ́lẹ́, ohùn á sì fò sókè tàbí kó gé.

A lè wo tẹ́nọ̀ kan tó ń fi fáwẹ́lì «a» gun àkàbà ohùn láti dó àárín dùùrù, tó ń gbọ̀n ní ìgbà 262 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Rè (294) sí sò (392) ni agbègbè ìrékọjá rẹ̀. Ihò ẹnu àti ọ̀fun tó ya fún «a» máa ń ran ohùn tó wà nítòsí 700 lọ́wọ́, ohùn kọ̀ọ̀kan sì máa ń ní èyí tó jẹ́ ìlọ́po rẹ̀ nínú. Nígbà tí tẹ́nọ̀ bá dé fà (349), ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 698, ìrànlọ́wọ́ yẹn sì kún dé góńgó; bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, ó ń fò kọjá ohun tó ń gbé e ró. Ẹni tí kò mọ̀ á ya ẹnu sí i, á gbé àgbọ̀n sókè, gògóńgò rẹ̀ á gòkè, orin á sì di igbe. Ẹni tó mọ̀ á jẹ́ kí «a» fì díẹ̀ sí «ọ» láti nǹkan bíi mí, á dín èémí kù, á sì jẹ́ kí gògóńgò dúró síbi tó wà. Olùgbọ́ á ṣì máa gbọ́ «a».

Láti òkè ni ìdánrawò tó wúlò jù ti ń bẹ̀rẹ̀. Akọrin á fi «u» jẹ́jẹ́ mú là (440) pẹ̀lú ohùn orí, á sì rọra yọ̀ wálẹ̀ dé dó láì dá ohùn dúró, láì sì fi ariwo kún un bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Bí ohùn bá wúwo lójijì níbì kan, ìyẹn ni pé iṣan inú wọlé tagbáratagbára. Kó tún un ṣe, ní jẹ́jẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà tí ibẹ̀ bá ti tẹ́jú ni yóò tó gun òkè. Fún obìnrin, ìrékọjá ìsàlẹ̀ máa ń bọ́ sí ìtòsí mí àti fà kan náà, àmọ́ ìsàlẹ̀ ohùn tirẹ̀ ni ibẹ̀, èyí ló fà á tí áltò fi ń bá a pàdé léraléra nínú orin kan ṣoṣo.

Àṣà náà kò dúró sójú kan. Kí Gilbert Duprez tó fi ohùn àyà kọ dó òkè (523) ní Párísì ní 1837, nínú ọ́pẹ́rà Rossini tó ń jẹ́ Guillaume Tell, ohùn orí ni àwọn tẹ́nọ̀ sábà máa ń fi mú un, Rossini fúnra rẹ̀ kò sì fẹ́ràn ti Duprez. Ohùn tí wọ́n pè ní ti àyà yìí kì í ṣe ti ìsàlẹ̀ tí a kàn tì gòkè: iṣan òde ti na awẹ́ náà gan-an, bí iṣan inú kò tilẹ̀ tíì túra.

Kì í ṣe gbogbo ohùn tó já ni ìdánrawò lè tún ṣe. Gògóńgò ọmọkùnrin tó ń bàlágà ń dàgbà ju bí iṣan rẹ̀ ṣe lè bá a mu lọ, nítorí náà orin tí kò ga ló yẹ ẹ́ títí ohùn á fi balẹ̀. Bí ohùn àgbàlagbà bá sì ń já níbi tí kì í já tẹ́lẹ̀, tó tún kẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, dókítà ọ̀fun ló yẹ kó yẹ tán-án-ná rẹ̀ wò.