Ìlànà ìmáàkì fún ìbéèrè iye owó ìpèsè

Ìlànà ìmáàkì ni ìwé tí olùṣètò ìdánwò fi ń sọ fún ẹni tó ń máàkì ibi tí máàkì kọ̀ọ̀kan wà nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ìbéèrè iye owó ìpèsè, ìdáhùn kan ló ń bí òmíràn. Nítorí náà a máa ń ya máàkì sí mẹ́ta: máàkì ọ̀nà fún ìgbésẹ̀ tó tọ́, máàkì ìdáhùn fún iye tó péye, àti máàkì àtẹ̀lé fún ìṣirò tó tọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lórí iye tó ti ṣì tẹ́lẹ̀. WAEC, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní 1952, tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ ní Nàìjíríà wà ní Yábàá, máa ń fi M sàmì sí máàkì ọ̀nà àti A sí ti ìdáhùn nínú ìdánwò ìṣirò. Nínú ìdánwò ìṣirò-owó ti Cambridge, OF ni àmì máàkì àtẹ̀lé.

Ká fi ilé búrẹ́dì kan ní Ṣógúnlé, láàárín Òṣòdì àti Ìkẹjà, ṣe ìbéèrè. Lóṣù, owó ilé jẹ́ ₦250,000, iná àti dísẹ́lì ₦270,000, ìdínkù iye ẹ̀rọ ₦80,000. Wákàtí iṣẹ́ jẹ́ 1,500. Oníbàárà kan fẹ́ 100 búrẹ́dì. Ìyẹ̀fun àti èlò yòókù yóò gba ₦46,000, iṣẹ́ yóò gba wákàtí 20, ₦900 ni wákàtí kan. Èrè jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin iye tó náni. Èló ni a ó ta búrẹ́dì kan?

Ìnáwó gbogboogbò jẹ́ ₦600,000. Tí a bá pín in sí 1,500, ₦400 ló kan wákàtí kan, ₦8,000 ló sì kan iṣẹ́ yìí. Owó òṣìṣẹ́ jẹ́ ₦18,000. Àpapọ̀ di ₦72,000, búrẹ́dì kan náni ní ₦720, a ó sì tà á ní ₦900.

Máàkì 10 ni mo fún un. Ìṣirò ìnáwó gbogboogbò gba 2, iye wákàtí kan gba 2, iye títà gba 2: ọ̀nà 1, ìdáhùn 1. Owó òṣìṣẹ́, ìnáwó tó kan iṣẹ́ yìí, àpapọ̀ àti iye búrẹ́dì kan gba 1 kọ̀ọ̀kan.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi ìròpọ̀ àkọ́kọ́ ṣe, tó kọ ₦690,000, yóò rí ₦460, ₦9,200, ₦73,200, ₦732, yóò sì parí sí ₦915. Àṣìṣe kan ṣoṣo nìyí, ìròpọ̀ lásán. Pẹ̀lú máàkì àtẹ̀lé, 9 ni yóò gbà. Láìsí i, 4 péré. Lójú tèmi, ìyà ìgbà mẹ́fà fún ẹ̀ṣẹ̀ kan kò tọ́.

Ààlà sì wà. Máàkì àtẹ̀lé ń bo àṣìṣe iye, kì í bo àṣìṣe ọ̀nà níbi tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ka èrè sí ìdá kan nínú mẹ́rin iye títà yóò kọ ₦960; máàkì ọ̀nà lọ, ti ìdáhùn tó rọ̀ mọ́ ọn lọ pẹ̀lú. Ẹni tó kọ ₦915 láìfi iṣẹ́ hàn kò gba nǹkan kan, nítorí ẹni tó ń máàkì kò rí ohun tí yóò tẹ̀ lé.

Ibi tí ìlànà sábà máa ń kù sí ni ọ̀nà mìíràn tó tọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi èrè kún ₦72,000 kó di ₦90,000, kó tó pín in sí 100. Iye búrẹ́dì kan, ₦720, kò ní hàn rárá, síbẹ̀ máàkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni méjì kọ́kọ́ máàkì ìwé ìdáhùn díẹ̀ kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níbi tí máàkì wọn bá ti yàtọ̀, ẹ tún ìlànà náà kọ kí ẹ tó pín ìwé yòókù.