Àbàwọ́n Lára Àjà, Òkokomaiko

Aago 7 àárọ̀. Ọyẹ́ mú, òjò ò rọ̀, síbẹ̀ ìyá onílé kan ní Òkokomaiko jí bá àbàwọ́n omi lára àjà yàrá rẹ̀, tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Balùwẹ̀ ayálégbé ló wà lókè ibẹ̀. Káfíńtà àdúgbò ti gbé hámà dé: "Ẹ jẹ́ ká là á, Mọ̀mí, ká rí inú ẹ̀."

Aago 8. Púlọ́ńbà tó ti Ìba wá ní kó gbé hámà sílẹ̀. Omi máa ń sá lórí dẹ́kìn kó tó rí ojú ibi tó máa kán sí, nítorí náà ibi tó rin lè jìnnà sí ibi tó ti ń jò. Ó pa iná yàrá náà, torí gílóòbù wà nítòsí, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà yí etí àbàwọ́n ká, ó sì kọ aago sí i. Ó gòkè lọ bẹ ayálégbé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì wẹ̀."

Aago 9. Wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń fa omi, wọ́n ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ omi, ṣùgbọ́n omi táńkì ṣì ń ti páìpù. Páìpù tó ń gbé omi wá kì í dúró de ẹni tó fẹ́ wẹ̀ kó tó jò, tọ̀sán-tòru ni. Títí di aago 10 ààbọ̀, àbàwọ́n kò kọjá ìlà.

Ó wá kan páìpù tó ń gbé omi ìdọ̀tí lọ. Púlọ́ńbà ki rọ́bà bọ ẹnu ihò ilẹ̀ balùwẹ̀, ó fi àrọ sí i lórí, ó da omi garawa mẹ́ta sí i láìjẹ́ kí ẹ̀kán kan ta sórí táìlì. Ó tún ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ léraléra. Wọ́n dúró. Kò sí nǹkan kan.

Ilẹ̀ ló fi ṣe ìkẹyìn, ìyẹn ni mo sì gbà pé ó fi mọṣẹ́: bí ilẹ̀ bá ti rin, dẹ́kìn á mu omi sára, kò sì ní jẹ́ kí èèyàn mọ omi tó ń bọ̀ látinú páìpù yàtọ̀.

Aago 12 ọ̀sán. Ó fi àkísà inú náílọ́ọ̀nù dí ihò náà, ó da omi kún ilẹ̀ díẹ̀, kò sì jẹ́ kí ara ògiri rin. Nígbà tó fi máa di aago 1 kù ogún ìṣẹ́jú, àbàwọ́n ti kọjá ìlà pẹ́ńsù.

Wọ́n gbọ́n omi náà, wọ́n nu ilẹ̀. Púlọ́ńbà kúnlẹ̀, ó fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ gún sìmẹ́ńtì funfun tó yí ihò náà ká. Ó rún bí iyẹ̀fun, kọ́kọ́rọ́ sì wọlé. Ó wo etí táìlì yòókù títí dé ògiri, wọ́n le.

Aago 4 ìrọ̀lẹ́. Táìlì mẹ́rin tó yí ihò ká ni wọ́n máa ṣí lọ́la, kí wọ́n dí ìdí ihò náà kí wọ́n tó tẹ́ òmíràn. Kí ìyá onílé má tíì kun àjà, kó má sì nu ìlà pẹ́ńsù. Lẹ́yìn àtúnṣe, wọ́n á fa ìlà tuntun yí etí àbàwọ́n ká, wọ́n á sì tún da omi sílẹ̀ bíi ti ọ̀sán yìí. Bí àbàwọ́n bá kọjá ìlà tuntun náà, ibòmíràn ṣì ń jò.