Òògùn tánsíọ̀n tí ń mú kí ọkàn rọra lù: ìdí tí a kì í fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo

Ẹ̀yin ará wa ní Bẹ́tẹ́rù àti agbègbè Ṣàúrù, bí ẹ bá ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ mú páálí rẹ̀ jáde kí ẹ wo orúkọ tó wà lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́tà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn orúkọ náà ni «lol», ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ sọ lónìí. Atẹnolólù, propranolólù àti bisoprolólù wà nínú wọn. Bẹtabulọkáǹ ni àwọn dókítà wa ń pè wọ́n lédè Faransé.

Ohun tí òògùn yìí ń ṣe kò ṣòro láti yé ènìyàn. Omi kan wà nínú ara wa tí wọ́n ń pè ní adirẹnalínì. Bí ẹ̀rù bá bà wá, tàbí tí a bá ń sáré, tàbí tí a bá gbé ẹrù wúwo, omi yìí á lọ kan ilẹ̀kùn ọkàn pé kó yára. Bẹtabulọkáǹ á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn náà. Adirẹnalínì á kanlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọkàn kò ní gbọ́ dáadáa. Nítorí náà ọkàn á máa rọra lù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì wálẹ̀. James Black, ọmọ ilẹ̀ Sìkọ́tílándì, ló ṣe propranolólù jáde láàárín ọdún 1960 sí 1969, kó lè ran àwọn tí àyà máa ń dùn lọ́wọ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nòbẹ́ẹ̀lì ní 1988 nítorí iṣẹ́ yìí àti òmíràn.

Àárẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń sọ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tó ń kọ ebè iṣu nílò ọkàn tó lè yára nígbà tí iṣẹ́ bá le, òògùn yìí kò sì jẹ́ kí ọkàn yára tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ á wúwo, ọwọ́ á tutù, ènìyàn á fẹ́ jókòó kó tó dé òpin ebè kan. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó máa ń dínkù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lára àwọn mìíràn, kì í lọ, ó sì yẹ kí wọ́n sọ fún anfirimíyẹ tàbí dókítà. Ká má sì gbàgbé pé ibà àti àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ń fa àárẹ̀ níhìn-ín. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀bi ni ti òògùn.

Ìlù ọkàn ni kí ẹ kọ́ láti kà. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fi ìka méjì lé ọrùn-ọwọ́, lábẹ́ àtàǹpàkò. Kì í ṣe àtàǹpàkò fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi kà á o, nítorí òun náà ní ìlù tirẹ̀. Ẹ wo aago, kí ẹ ka ìlù náà fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹni tí kò lo òògùn yìí sábà máa ń ní 60 sí 100. Ẹni tó ń lò ó lè ní 55, tí ara rẹ̀ sì le, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá wálẹ̀ ju 50 lọ, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, tí ojú ń ṣú, tí ẹ ṣubú, tàbí tí èémí kò tó, ẹ lọ sí sántà lọ́jọ́ náà. Àwọn ibẹ̀ lè dín òògùn kù tàbí kí wọ́n pa á dà. Ẹ má ṣe é fúnra yín.

Ibi tí ewu wà gan-an nìyí. Nígbà tí òògùn bá ti dí ilẹ̀kùn ọkàn fún oṣù púpọ̀, ara á máa wò ó pé òun kò gbọ́ ìkànlẹ̀kùn mọ́, á wá kọ́ ilẹ̀kùn tuntun kún èyí tó wà. Bí ẹ bá dá òògùn dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, adirẹnalínì á bá gbogbo ilẹ̀kùn wọ̀nyí ní ṣíṣí. Ọkàn á sáré ju bó ṣe ń sáré kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ òògùn rárá. Ní 1975, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn tí àyà ń dùn, tí wọ́n dá propranolólù dúró lójijì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìrora padà dé sí àwọn kan lára wọn, ó sì pa àwọn kan. Láti ìgbà náà ni ìkìlọ̀ ti ń wà nínú ìwé kékeré tó wà nínú páálí, èyí tí ọ̀pọ̀ wa máa ń jù nù.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, ìyá tó ń ta iṣu lọ́jà. Ó ń lo atẹnolólù 100 mílígíráàmù lójúmọ́. Ìlù ọkàn rẹ̀ jẹ́ 54, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Òògùn wá tán, owó kò sí, ó ní òun á sinmi díẹ̀. Ọjọ́ kìíní, ara fúyẹ́, ó ní ẹ ò ri bí! Lọ́jọ́ kẹta, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, orí ń fọ́ ọ, ọwọ́ ń gbọ̀n, ó ń làágùn. Tánsíọ̀n rẹ̀ ti di 190 lórí 110. Bí àyà bá tún ń fún un, tí ìrora sì ń lọ sí apá òsì tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, lópítà ló kù, ìyẹn CHUD ti Pàràkú bí sántà bá ní kí wọ́n gbé e lọ.

Ọ̀nà tó yẹ kó tọ̀ ni èyí. Ó sọ àárẹ̀ náà fún dókítà, dókítà sì lè dín 100 sí 50 fún ọ̀sẹ̀ kan, kó dín in sí 25 fún ọ̀sẹ̀ kejì, kó tó dá a dúró. Láàárín náà, wọ́n á fún un ní òògùn mìíràn, bíi amulodípìnì, kí tánsíọ̀n má bàa gòkè. Ó tọ́ láti béèrè fún ìpààrọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé lára àwa ènìyàn dúdú, bẹtabulọkáǹ nìkan kì í sábà fa tánsíọ̀n wálẹ̀ tó amulodípìnì tàbí òògùn tí ń mú ni tọ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá fún yín nítorí pé ọkàn yín ti rẹ̀, tàbí nítorí àyà dídùn, tàbí ọkàn tó ń sáré, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe níbẹ̀, dókítà lè ní kí ẹ máa bá a lọ.

Òògùn kì í sábà dúró nítorí pé ènìyàn fẹ́. Ó máa ń tán ni. Nítorí náà, bí ó bá ku hóró méje nínú páálí, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn ní fámásì. Bí ẹ bá ń lọ síbi ìnáwó tàbí òkú ní Sáfẹ̀ẹ́, ẹ kó o dání. Nínú oṣù Ramadáànì, ẹ béèrè bóyá ẹ lè lò ó nígbà sààrì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Bí ẹ bá gbàgbé ti òní, tí ẹ sì rántí kí ọjọ́ tó lọ, ẹ lò ó. Bí ó bá di ọ̀la, ẹ lo ti ọ̀la nìkan, ẹ má lo méjì pọ̀. Bí ó bá sì ti tó ọjọ́ mélòó kan tí ẹ kò lò ó, ẹ jẹ́ kí sántà wọn tánsíọ̀n kí wọ́n sì ka ìlù ọkàn yín kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n lè ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré.