Àjèjì àti Omi Nínú Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀: Àṣìṣe Méjì Nínú Ìtúpalẹ̀ Mábù Ìgbẹ́tì Nípa Ìwọ̀n

Ìtúpalẹ̀ nípa ìwọ̀n ni ọ̀nà tí onímọ̀ kẹ́mísìrì ń gbà mọ iye èròjà kan tó wà nínú nǹkan. A ó yọ́ nǹkan náà sínú ásíìdì, a ó da ohun tí yóò mú èròjà tí a ń wá dì sí i, èròjà náà yóò sì sìlẹ̀ ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. A ó sẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí, a ó fọ̀ ọ́, a ó gbẹ ẹ́ lórí iná, a ó sì wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n kò mọ kálísíọ̀mù yàtọ̀ sí omi: ohunkóhun tó bá wà nínú ife ló ń kà. Ibi tí àṣìṣe méjì tí àyọkà yìí dá lé ti ń wọlé nìyẹn. Èkíní ni pé kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kó èròjà àjèjì mọ́ra bó ṣe ń dì. Èkejì ni pé kó má gbẹ tán kí a tó wọ̀n ọ́n. Ní agbègbè Òkè-Ògùn, òkúta tó fi àṣìṣe méjèèjì hàn jù lọ ni mábù tí wọ́n ń wà ní Ìgbẹ́tì, nítorí pé mágínísíọ̀mù wà pẹ̀lú kálísíọ̀mù nínú rẹ̀. Irú mábù bẹ́ẹ̀ tó kún fún mágínísíọ̀mù là ń pè ní dólómáìtì.

Nínú ọ̀pọ̀ ìjábọ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ nípa àwọn àṣìṣe wọ̀nyí: pé ó ṣeé ṣe kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má mọ́, tàbí kó má gbẹ. Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò tó. Bí àṣìṣe kan bá wà, ó ní ibi tó ń ti èsì sí, ó ní ìwọ̀n, àmì tí a fi ń dá a mọ̀ sì wà. Ẹnìkan lè sọ pé bí ìgbìyànjú mẹ́ta bá fún wa ní iye tó súnmọ́ra, kò sí ohun tí à ń wá mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àṣìṣe méjèèjì kì í tàn kiri. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń fà sí nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n ń sọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ di wíwúwo ju bó ṣe yẹ lọ, bákan náà ní gbogbo ìgbìyànjú tí a bá fi ọwọ́ kan náà ṣe. Ìfohùnṣọ̀kan àwọn iye náà kò lè tú àṣírí wọn.

Ọ́sáléètì la fi ń mú kálísíọ̀mù dì. Bí a bá da amóníọ̀mù ọ́sáléètì sínú omi mábù tó gbóná, tí a sì rọra fi amóníà pa ásíìdì inú rẹ̀, CaC2O4·H2O yóò sìlẹ̀ ní ìyẹ̀fun funfun. Mágínísíọ̀mù náà ní ọ́sáléètì tirẹ̀, kò sì tètè dì. Ó lè wà nínú omi fún wákàtí púpọ̀ ní iye tó ju èyí tí omi yẹ kó gbà lọ, kó wá máa bọ́ sórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kálísíọ̀mù díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ni ìmọ̀ràn tó wúlò fún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mìíràn ṣe ń ṣini lọ́nà níbí. Fún báríọ̀mù sọ́lféètì, a máa ń fi í sílẹ̀ nínú omi gbígbóná títí kó fi tún ara rẹ̀ tò, kó sì mọ́ sí i. Òótọ́ ni pé ọ́sáléètì kálísíọ̀mù náà ń jàǹfààní ìdúró díẹ̀, ṣùgbọ́n bí mágínísíọ̀mù bá wà, ó yẹ kí a sẹ́ ẹ láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì ti fún mágínísíọ̀mù láyè.

Àwọn kan gbà pé fífọ̀ yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Fífọ̀ ń kó ohun tó lẹ̀ mọ́ ara gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tó há sínú rẹ̀ nígbà tó ń dàgbà kò gbọ́ ti omi. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a fi ásíìdì gbígbóná yọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àkọ́kọ́, kí a sì mú un dì lẹ́ẹ̀kejì. Ìwọ̀nba mágínísíọ̀mù tó bá a wọlé nìkan ló kù nínú omi kejì yìí, èyí tí yóò sì há sínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tuntun yóò kéré gan-an.

Ká ní mílígíráàmù 500 dólómáìtì tó mọ́ pátápátá la fi ṣiṣẹ́. Kálísíọ̀mù ọ́sáìdì inú rẹ̀ jẹ́ 30.41%, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ CaC2O4·H2O rẹ̀ sì yẹ kó wọn mílígíráàmù 396.2. Bí mílígíráàmù 10 omi bá ṣẹ́kù sára rẹ̀, èsì yóò di 31.18%. Bí ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún mágínísíọ̀mù òkúta náà bá bá a sìlẹ̀, yóò fi nǹkan bíi mílígíráàmù 8 kún un, èsì yóò sì di 31.03%. Bí méjèèjì bá wáyé pọ̀, a ó rí nǹkan bíi 31.8%. Ẹni tó bá ń ra òkúta fún ẹfun yóò rò pé kálísíọ̀mù inú rẹ̀ ju bó ṣe wà lọ.

Ọ̀rọ̀ gbígbẹ náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. Òfin iṣẹ́ yìí ni pé kí a máa gbẹ ẹ́, kí a máa wọ̀n ọ́n, títí ìwọ̀n méjì tó tẹ̀lé ara wọn kò fi ní yàtọ̀. Ẹnìkan lè ní bí ìwọ̀n bá ti dúró, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti gbẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ìwọ̀n tó dúró ń sọ fún wa pé kò sí ohun tó tún ń jáde ní ooru yẹn. Kò sọ pé kò sí ohun tó ṣẹ́kù. Gbodo lè gbẹ lójú kí inú rẹ̀ ṣì tutù, bẹ́ẹ̀ náà ni omi ń há sínú ọ́sáléètì yìí ní 105 °C. Amóníọ̀mù ọ́sáléètì tó bá wọnú rẹ̀ kò ní fi í sílẹ̀ ní ooru yẹn pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí èsì 105 °C fi sábà máa ń ga ju òótọ́ lọ ní ìdajì sí odindi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí iná mànàmáná bá lọ nígbà tí a ń gbẹ ẹ́, wákàtí tí ààrò fi tutù kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò gbígbẹ, nítorí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè tún fa ọ̀rinrin padà, pàápàá nígbà òjò.

Bí a ṣe ń mọ èyí tó fa àṣìṣe nínú méjèèjì ni pé kí a gbé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kan náà wọ iléru ní nǹkan bíi 500 °C, kó di kábónéètì. Omi tó há àti amóníọ̀mù ọ́sáléètì yóò lọ. Bí omi nìkan bá ni ẹlẹ́ṣẹ̀, iye tí a bá ṣírò láti ara kábónéètì, mílígíráàmù 271.4 nínú àpẹẹrẹ wa, yóò padà sí 30.41%. Bí ó bá jẹ́ mágínísíọ̀mù, yóò dín kù díẹ̀, yóò sì dúró sí nǹkan bíi 30.7%, nítorí pé ọ́sáìdì mágínísíọ̀mù ṣì wà nínú ife. Tí mímú un dì lẹ́ẹ̀kejì bá wá sọ iye yìí kalẹ̀, a ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Kí iléru má kọjá 525 °C púpọ̀, kí kábónéètì má bàa bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹfun. Ẹfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná ń fa omi àti afẹ́fẹ́ kábọ̀nù mọ́ra nígbà tó bá ń tutù. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ Òkè-Ògùn lè ṣàánú rẹ̀, afẹ́fẹ́ oṣù Kẹsàn-án kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ìgò ọlọ́mọrí tí ohun afàmi wà nínú rẹ̀ ló yẹ kó ti tutù.

Ìjábọ̀ tó péye yóò wá kọ ooru tí a lò, iye ìgbà tí a wọ̀n ọ́n àti ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjì tó kẹ́yìn, iye wákàtí tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fi wà nínú omi, àti bóyá a mú un dì lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Yóò tún sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń fa èsì sísàlẹ̀, nítorí ó wà. Lítà kan omi lásán ń yọ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 6 sí 7 ọ́sáléètì kálísíọ̀mù, nítorí náà ẹni tó bá fi mílílítà 100 omi lásán fọ̀ ọ́ lè pàdánù ju ìdajì mílígíráàmù lọ. Amóníọ̀mù ọ́sáléètì tó ṣàn la fi ń fọ̀ ọ́, kó má bàa yọ́. Iléru yóò sì lé ohun tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi í fọ̀, tó wá dúró sí 105 °C, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún ìwọ̀n gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà.