Ìrọ̀lẹ́ Tó Ṣáájú Èrè: Ewu Ìpè Ṣáájú Àsìkò fún Ẹni Tó Ta Ọ́pṣọ̀n Ìrà

Ọjà àdéhùn tí ilé ìpàrọ̀ ìdókòwò wa, NGX, ṣí ní 2022 dá lórí àtọ́ka ọjà, kò dá lórí ọ́pṣọ̀n ṣéà. Nítorí náà, ará Ketu tàbí Ikosi tó bá fẹ́ ta ọ́pṣọ̀n ní láti gba ọ̀dọ̀ alágbàtà kan lọ sí ọjà Niu Yọ́ọ̀kù. Níbẹ̀, ẹni tó ra ọ́pṣọ̀n ìrà lórí ṣéà lè lo ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wù ú kí àdéhùn tó parí. Bó bá lò ó, ilé-iṣẹ́ OCC á yan ẹni tí yóò kó ṣéà fún un láìwo ojú ẹnikẹ́ni, èyí sì ni mo ń pè ní ìpè. Wọ́n sábà máa ń kọ́ olùtà pé kó bẹ̀rù ìpè bí owó ṣéà bá ti ga ju iye àdéhùn lọ gan-an. Àríyànjiyàn mi ni pé òṣùwọ̀n yẹn kò tó. Owó ọ́pṣọ̀n ìtà tó ní iye àdéhùn àti ọjọ́ ìparí kan náà ló yẹ ká wò, ká sì fi wé èrè tí ṣéà fẹ́ san.

Ìdí rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ Robert Merton ti 1973. Bí ṣéà kò bá ní san èrè, kò sí àǹfààní fún olùra láti lo ọ́pṣọ̀n ìrà rẹ̀ ṣáájú àsìkò, nítorí títà á ní ọjà á mú owó tó pọ̀ jù wọlé. Èrè ló ń yí ọ̀rọ̀ padà. Lọ́jọ́ tí èrè bá bọ́ lára ṣéà, owó ṣéà á já sílẹ̀ ní nǹkan bí iye èrè náà, ẹni tó ní ọ́pṣọ̀n nìkan kò sì ní gba kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá fẹ́ èrè náà, àfi kó lo ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ohun tó máa pàdánù ni ààbò tí ọ́pṣọ̀n ń fún un bí ọjà bá wó, èyí tí owó ọ́pṣọ̀n ìtà ń wọ̀n, àti èlé orí owó tó fi san iye àdéhùn. Bí èrè bá ju méjèèjì lọ, yóò lò ó.

Ẹ jẹ́ ká wo SPY, àpò ìdókòwò tó ń tẹ̀lé ilé-iṣẹ́ ńlá 500 ní Amẹ́ríkà. Èrè rẹ̀ sábà máa ń bọ́ ní ọjọ́ Ẹtì kẹta oṣù tó parí ìdá mẹ́rin ọdún, ọjọ́ náà gan-an ni ọ́pṣọ̀n oṣù náà ń parí. Ní 15 Oṣù Kejìlá 2023, èrè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $1.91 lórí ṣéà kan. Ká ní ẹnìkan ta ọ́pṣọ̀n ìrà $460, ó sì ra ti $465 láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ó gba $200 lórí ṣéà ọgọ́rùn-ún, ó sì gbà pé àdánù òun kò lè kọjá $300. Lọ́jọ́bọ̀, SPY wà ní nǹkan bí $472. Ká ní ọ́pṣọ̀n ìtà $460 ń lọ ní sẹ́ńtì márùn-ún, tí èlé ọjọ́ kan sì jẹ́ sẹ́ńtì mẹ́fà. Olùra yóò pàdánù sẹ́ńtì mọ́kànlá láti gba $1.91. Kò sí ìdí tí kò fi ní lò ó.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, olùtà jí bá gbèsè ṣéà ọgọ́rùn-ún nínú àkáǹtì rẹ̀, ó sì di dandan kó san $191 èrè fún ẹni tó ni ín. Bó bá wá lo $465 rẹ̀, á rí ṣéà gbà, ṣùgbọ́n èrè ti bọ́. Àdánù rẹ̀ di $491. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí owó náà gbà lọ. Ìpè nìkan kọ́ ló fa àdánù, nítorí owó ṣéà tó já sílẹ̀ dí gbèsè èrè náà fún un. Ẹsẹ̀ kejì tí ó rà, tí kò lò lọ́jọ́bọ̀, ló fi $191 ṣòfò.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀pọ̀ olùtà ló ń mú un jẹ. Òótọ́ ni. Pool, Stoll àti Whaley fi hàn ní 2008 pé ọ̀pọ̀ olùra ló gbàgbé láti lo ẹ̀tọ́ wọn, olùtà tí wọn kò pè sì ń jèrè iye tí ọ́pṣọ̀n náà fi já sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹsẹ̀ méjì kò rí èrè kankan nínú ìyẹn: bí wọn kò bá pè é, ẹsẹ̀ méjèèjì á jọ já sílẹ̀, bí wọ́n bá pè é, òun nìkan ló gbé àdánù.

Ṣé kó wá lo ẹsẹ̀ kejì lọ́jọ́bọ̀ náà? Fún ará Amẹ́ríkà, ó bójú mu bó bá ní $46,500 lọ́wọ́. Fún ará Kosofe, ìṣirò náà yàtọ̀. Nàìjíríà kò ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà, nítorí náà ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ nínú èrè tó bá wọlé fún un, nígbà tó jẹ́ pé odindi ló máa san èyí tó jẹ. Nínú $191, nǹkan bí $134 ló máa dé ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tó kù fún un ni kó ti ẹsẹ̀ méjèèjì pa lọ́jọ́bọ̀, kí ọjà Niu Yọ́ọ̀kù tó kógbá wọlé ní aago mẹ́wàá alẹ́ wa ní Oṣù Kejìlá, tàbí aago mẹ́sàn-án ní Oṣù Kẹfà àti Oṣù Kẹsàn-án. Nínú àpẹẹrẹ wa, títì í pa á ná an ní nǹkan bí $500, àdánù rẹ̀ á sì dúró sí $300 tó ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè jókòó ti ọjà lálẹ́ lè lo ọ́pṣọ̀n SPX dípò SPY: ọjọ́ ìparí nìkan ni wọ́n ń lo ẹ̀tọ́ rẹ̀, owó ni wọ́n sì fi ń yanjú rẹ̀, kò sí ṣéà tí ẹnikẹ́ni máa jẹ.