Fídíò ìtàn láti inú fọ́nrán àtijọ́: Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ti 1960 ni lóòótọ́?

Bí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá bá ti ń sún mọ́lé lọ́dọọdún, fídíò nípa òmìnira Nàìjíríà máa ń pọ̀ lórí ayélujára. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ní àwòrán tuntun kankan. Fọ́nrán àtijọ́ ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, tí asọ̀tàn sì ń sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Àṣìṣe tó máa ń wọ inú irú iṣẹ́ yìí kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ irọ́. Ọ̀rọ̀ asọ̀tàn lè jẹ́ òtítọ́, kí àwòrán náà jẹ́ ojúlówó, síbẹ̀ kí àwọn méjèèjì má bá ara wọn mu. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Bí asọ̀tàn bá ń sọ pé Nàìjíríà gba òmìnira, tí àwòrán sì ń fi Ọbabìnrin hàn níbi tó ti ń juwọ́ sáwọn èèyàn l'Ékòó, ẹni tó ń wò ó á gbà pé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí níbẹ̀. Ọmọọba Alexandra ló rán wá láti ṣojú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá fi fídíò ìṣẹ́jú márùn-ún kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tó dá lórí òru ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án àti òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ọdún 1960, ní pápá eré ẹṣin l'Ékòó, ibi tí wọ́n ń pè ní Tafawa Balewa Square lónìí.

Ibi tí fọ́nrán ti ń wá, àti bí wọ́n ṣe ń tò ó

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, iléeṣẹ́ British Pathé gbé fọ́nrán ìròyìn tó tó 85,000 sórí YouTube, ti Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Nílé níbí, ilé àkójọpọ̀ fíìmù ìjọba wà nílùú Jos. Ìwé ìjọba àti ìwé ìròyìn àtijọ́ wà ní National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Ohun kan wà téèyàn gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn: ọjọ́ tí fọ́nrán dé orí YouTube kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà á. Àkọlé tí ẹnì kan kọ sí i nígbà tó ń pín in lórí WhatsApp náà kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó ń ṣe fídíò gbọ́dọ̀ wá a lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ní in, kó sì ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ níbẹ̀.

Tí fọ́nrán bá ti wọlé, fódà méjì ló yẹ kó wà lórí kọ̀ǹpútà. Ti àkọ́kọ́ ni ojúlówó, tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gé tàbí yí padà. Èkejì ni ẹ̀dà tí wọ́n á fi ṣiṣẹ́. Orúkọ fáìlì gbọ́dọ̀ sọ ọdún, ibi tí wọ́n ti yà á, ohun tó wà nínú rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, báyìí:

```
1956_EKO_obabinrin_A03.mp4
1960_EKO_asia_A07.mp4
19XX_EKO_ero_A11.mp4
```

Ẹ kíyè sí `19XX` tó wà ní ìsàlẹ̀ yẹn. Fọ́nrán tí wọn ò tíì mọ ọdún rẹ̀ ni. Ó sàn kí àmì náà wà níbẹ̀ gbangba ju kéèyàn méfò ọdún kan, kó wá gbàgbé lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà pé òun méfò ni.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé àkọsílẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti fọ́nrán kan: nọ́ńbà rẹ̀, ibi tó ti wá, ohun tí ẹni tó ni ín sọ nípa rẹ̀, ohun tí ojú rí nínú rẹ̀ gan-an, àti ẹ̀rí tó fìdí ọdún múlẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ àti ohun tí ojú rí ò gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí kan náà. Bí àkọlé bá ní "ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń ṣàjọyọ̀ òmìnira", tójú sì rí èèyàn ogún ní etí títì tí wọ́n ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí wọ́n kọ ọ́.

Fọ́nrán mẹ́ta lórí ìwọ̀n

Fọ́nrán àkọ́kọ́ ni ti Ọbabìnrin nínú ọkọ̀ l'Ékòó, tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ dúdú òun funfun. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà nígbà ayé rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní ọdún 1956, ó sì parí ní oṣù Kejì. Ìkejì wáyé ní ọdún 2003. Nítorí náà, 1956 ni fọ́nrán yìí. Àsíá tó wà nínú rẹ̀ tún jẹ́rìí sí i: ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń fẹ́. Àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun tí Taiwo Akinkunmi yà kò gòkè títí di òmìnira. Ìkìlọ̀ kan ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ àsíá o. Bí àsíá Nàìjíríà bá wà nínú fọ́nrán, ohun tó fi hàn ni pé kò ṣáájú òmìnira. Kò fi hàn pé ọjọ́ òmìnira gan-an ni.

Ìyẹn ló gbé wa dé fọ́nrán kejì. Ayẹyẹ ńlá ni, àsíá Nàìjíríà wà níbẹ̀, wọ́n sì ń búra fún Nnamdi Azikiwe. Àkọlé ní "Independence". Àmọ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1960, Sir James Robertson ló ṣì wà nípò Gómìnà Àgbà. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kọkànlá ọdún náà ni Azikiwe gbapò lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1963, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò sí lábẹ́ Ọbabìnrin mọ́, Azikiwe sì di Ààrẹ. Fọ́nrán náà lè jẹ́ ti oṣù Kọkànlá 1960 tàbí ti 1963, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ ti òwúrọ̀ òmìnira. Ó di dandan kó jáde kúrò nínú fídíò yìí.

Fọ́nrán kẹta ló dára jù: Ọmọọba Alexandra ń fa ìwé òmìnira lé Olóòtú Ìjọba Abubakar Tafawa Balewa lọ́wọ́. Ọjọ́ tọ̀nà, ibi tọ̀nà, àwọn èèyàn tọ̀nà. Ibi tí asọ̀tàn ti lè ṣìnà ni wákàtí. Òru, nígbà tí aago méjìlá lù, ni wọ́n sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ tí wọ́n sì fa ti Nàìjíríà sókè. Òwúrọ̀ ni wọ́n fa ìwé léni lọ́wọ́, ní pápá kan náà. Bí oòrùn bá ń ràn nínú àwòrán tí asọ̀tàn sì ń sọ̀rọ̀ aago méjìlá òru, ẹni tó lójú á rí i pé nǹkan ò bára mu.

Ohùn inú fọ́nrán náà nílò àyẹ̀wò. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ìròyìn láyé ìgbà yẹn sábà máa ń ya àwòrán láìgba ohùn, tí wọ́n á wá fi orin, àtẹ́wọ́ àti ariwo èrò kún un lẹ́yìn tó bá dé iléeṣẹ́ wọn. Nítorí náà, ìhó ayọ̀ téèyàn ń gbọ́ lè má jẹ́ ti àwọn ará Èkó rárá. Bí kò bá sí ẹ̀rí pé ohùn ọjọ́ náà ni, asọ̀tàn ò gbọ́dọ̀ ní "ẹ gbọ́ ohùn àwọn èèyàn wa lálẹ́ ọjọ́ náà".

Ẹ̀rí fún ọ̀rọ̀ ẹnu asọ̀tàn

Bí àwòrán ṣe ní nọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ náà ni gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí asọ̀tàn máa kà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ìwé ìròyìn wúlò gan-an, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó jáde ṣe pàtàkì. Èyí tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1960, òru ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ohun tó bá sọ nípa ayẹyẹ òwúrọ̀ yẹn, ètò ni, kò tíì ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ náà, torí náà ìwé ìròyìn ọjọ́ Àìkú àti ti Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ló lè sọ ohun tójú rí. Bí ìwé ìròyìn méjì bá sì gbé ọ̀rọ̀ kan náà jáde láìyí wóró kan padà, ibì kan náà ni wọ́n ti rí i. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ni, kì í ṣe méjì.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tó wà láyé nígbà náà ńkọ́? Ó níye lórí, àmọ́ ó gba sùúrù. Bàbá kan lè sọ pé òun fojú ara òun rí Ọbabìnrin lọ́jọ́ òmìnira. Bàbá ò parọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọdún 1956 ló rí i, nígbà tí wọ́n kó wọn jáde láti iléèwé wá sí etí títì. Èèyàn ò kàn ní já àgbà ní koro. Ìbéèrè tó yẹ ni, "Bàbá, kíláàsì wo lẹ wà nígbà náà? Àsíá wo ni wọ́n fún yín pé kẹ́ ẹ máa jù?" Ìdáhùn sí ìyẹn máa ń tọ́ka sí ọdún náà fúnra rẹ̀. Ìtàn bàbá á sì wọ inú fídíò ní ipò tó tọ́ sí i.

Ìgbà tí àwòrán àti ohùn bá pàdé

Kí ẹnikẹ́ni tó gé fọ́nrán, ìwé ìtàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ. Wọ́n á fa ìlà sí i, kó pín sí ọ̀nà mẹ́ta: àwòrán lápá òsì, ọ̀rọ̀ asọ̀tàn láàárín, nọ́ńbà ẹ̀rí lápá ọ̀tún. Ibi tí apá ọ̀tún bá ṣófo, gbólóhùn yẹn ò tíì ṣeé kà.

Asọ̀tàn á ka ojú ìwé kan sókè, wọ́n á sì wo aago. Bó bá ka ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú márùn-ún á gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ó dáa kí wọ́n dín in kù sí irinwó, kí ìṣẹ́jú kan lè ṣẹ́ kù fún ibi tí àwòrán á ti dá sọ̀rọ̀. Ìgbà tí àsíá ń gòkè kò nílò ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kankan.

Bí fídíò bá nílò fọ́nrán 1956 láti fi ṣàlàyé bí ìlú ṣe rí ṣáájú òmìnira, kò burú. Kí "Èkó, 1956" ṣáà wà lójú àwòrán títí ó fi máa kọjá. Fọ́nrán àtijọ́ tún máa ń ga ju bí ojú tẹlifíṣọ̀n òde òní ṣe ga sí ìbú rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fà á kó lè kún ojú á sọ gbogbo èèyàn inú rẹ̀ di kúkúrú, sísanra. Kí òkùnkùn díẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ló sàn.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ló kù. Pé fọ́nrán wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́ fún wíwò kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni lè mú un lò. Wọ́n ní láti kọ̀wé sí ẹni tó ni ín, kí wọ́n béèrè iye àti ìlànà, kí èsì rẹ̀ sì wà nínú fódà ojúlówó pẹ̀lú fọ́nrán náà.

Ní ìparí, ẹnì kan tí kò bá wọn ṣe iṣẹ́ náà ló yẹ kó wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti àkọ́kọ́, á pa ohùn rẹ̀, á sì sọ ohun tó rò pé àwòrán ń sọ àti ọdún tó rò pé ó jẹ́. Ní ti èkejì, á gbọ́ ohùn. Ibi tí ìdáhùn rẹ̀ bá ti yàtọ̀ sí ìwé àkọsílẹ̀ ni wọ́n á padà sí kí fídíò tó jáde.